Èsì: Lẹ́tà sí Rẹ́jísírà lórí orúkọ tí wọ́n ṣì kọ

“Wọ́n kọ Oluwasuen dípò Oluwaseun sórí sàtífíkéètì mi. Kí ni kí n kọ sí Rẹ́jísírà?”

Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà ìgbaniwọlé yín. Bí orúkọ bá tọ́ níbẹ̀, àṣìṣe ilé-ìwé ni. Ẹ má kọ “mo fẹ́ yí orúkọ padà” o! Bí èmi ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ni wọ́n bá ní kí n lọ búra ní kóòtù, kí n tún kéde nínú ìwé ìròyìn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ ṣàtúnṣe Oluwasuen sí Oluwaseun, bó ṣe wà nínú lẹ́tà ìgbaniwọlé mi.” Ẹ fi nọ́ńbà mátíríìkì yín sí i, ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà ìgbaniwọlé àti ti sàtífíkéètì mọ́ ọn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì Rẹ́jísírà sórí ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ, èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín.