Bíà mẹ́ta lẹ́yìn jíìmù ní alẹ́ Sátidé

Ìbéèrè: Mo máa ń gbé irin ní Ògo-Olúwa, l'Óṣogbo, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ká tó kọrí sí òde àríyá. Ṣé ìgò bíà mẹ́ta lè ba iṣẹ́ mi jẹ́?

Ìdáhùn: Oorun yín ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìgò ńlá kan (ọtí ìdá 5 nínú 100) máa ń gba ẹ̀dọ̀ tó wákàtí 3. Bí ẹ bá mu mẹ́ta láàárín aago 8 sí 11, ó máa tó bí aago 5 ìdájí kó tó tán lára yín. Ẹ máa tètè sùn lóòótọ́, àmọ́ ní bí aago 3, ojú á là, àyà á máa lù kìkì, ìtọ̀ á sì máa gbọ̀n yín. Ibi tẹ́ ẹ ti máa mọ̀ nìyẹn.

Bí ọtí bá pọ̀, ó tún lè dín bí iṣan ṣe ń kọ́ ara rẹ̀ kù, kódà bẹ́ ẹ bá jẹ ẹyin àti ẹran dáadáa. Ọ̀rá ńkọ́? Ọtí ni ara máa kọ́kọ́ sun, ọ̀rá á dúró dè é. Ìgò mẹ́ta ju kálórì 500 lọ, a ò tíì ka súyà.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ òde o. Ẹ gbé irin láàárọ̀, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó mu, kẹ́ ẹ sì mu ìgò kan péré, ó kéré tán wákàtí 3 kẹ́ ẹ tó sùn.