Rípọ́ọ̀tù ní omi tútù pé, àmọ́ gbọ̀ngàn ìkẹyìn ń gbóná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mò ń bójú tó ilé àlejò kan ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́. Agbaṣẹ́ṣe wa kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù pé gbọ̀ngàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba omi tútù tí ẹ̀rọ amúlétutù fi ń mú wọn tutù bó ṣe yẹ, àmọ́ ooru ṣì ń mú nínú èyí tó jìnnà sí pọ́ǹpù jù. Ṣé kí n buwọ́ lù ú?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì buwọ́ lù ú. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ṣí fáàfù ìdíwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó, ìyẹn fáàfù tí a fi ń dín omi tó ń lọ sí gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan kù. Bí gbọ̀ngàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tóbi bákan náà, tí gbogbo fáàfù sì ṣí dé ojú kan náà, ó ṣòro fún mi láti gbà pé ẹnikẹ́ni wọn nǹkan kan. Èyí tó sún mọ́ pọ́ǹpù ló máa ń gba omi jù.

Ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n lójú yín. Kí wọ́n kọ́kọ́ fọ asẹ́, kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, kí wọ́n sì ṣí fáàfù tó ń gbọ́ràn sí tẹmọ́sítáàtì pátápátá. Ihò kékeré méjì wà lára fáàfù ìdíwọ̀n tí a ń ki géèjì bọ̀. Ìyàtọ̀ agbára omi tó bá hàn la fi ń ṣírò:

Q = 100 × Kv × √Δp

Q ni iye lítà ní wákàtí kan, Δp wà ní kílópásíkà, Kv, ìyẹn bí fáàfù ṣe ń jẹ́ kí omi kọjá tó, sì wà nínú tábìlì ẹni tó ṣe fáàfù náà. Ká ní gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan nílò 1,800 lítà, tí Kv sì jẹ́ 6 nígbà tí fáàfù ṣí tán. Bí géèjì bá ka 16 ní gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, 9 ní ìkejì, 4 ní ìkẹta, omi wọn jẹ́ 2,400, 1,800 àti 1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ pé, nítorí náà pọ́ǹpù kò jẹ̀bi. Pípín ló wọ́.

Gbọ̀ngàn ìkẹta ń gba ìdá 67 nínú 100 omi tó nílò. Ẹ fi fáàfù rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ dín tìkejì kù títí ìdá tirẹ̀ yóò fi bá ti ìkẹta dọ́gba, lẹ́yìn náà ẹ dín ti àkọ́kọ́ kù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti géèjì ìkẹta, torí bí ẹ bá ti ń fún àwọn yòókù pa ni omi tirẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba tán la tó ń tún omi pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ṣe.

Ẹ má dá iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀ nínú òǹkà kan. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń fún yín ní 47 Hz dípò 50, pọ́ǹpù yóò rọra yí, omi yóò sì dín kù. Kí wọ́n kọ Hz náà sínú rípọ́ọ̀tù, pẹ̀lú Δp, ojú tí fáàfù wà àti Kv rẹ̀, kí ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Bí kò bá yà ju ìdá 10 nínú 100 lọ sí ohun tó yẹ, mo máa ń gbà á, tí wọ́n bá ti de fáàfù kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú tó wà kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà.