"Èrè là ń jẹ, a kì í jẹ ojú owó": ibo wá ni ìdàgbàsókè òwò ti ń wá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìyá ọlọ́jà a máa ní "èrè là ń jẹ, a kì í jẹ ojú owó." Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Ilé búrẹ́dì ni mo ní. N kì í fọwọ́ kan ojú owó, ọjà sì ń tà, síbẹ̀ gbèsè mi ń lé sí i lọ́dọọdún. Akáǹtì mi ń dárúkọ IGR àti SGR, kò yé mi rárá.

Ìdáhùn: Ojú owó ni owó tí òwò dúró lé, èrè sì ni ohun tó lé lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń mú nínú ojú owó jẹ, òwò fúnra rẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yẹn mọ. Ó sọ ohun tí kò ní jẹ́ kí òwò kú, kò sọ ohun tí yóò mú un dàgbà. Ẹni tó jẹ gbogbo èrè rẹ̀ láìfọwọ́ kan ojú owó, ibi tó wà lésìí náà ló máa wà lọ́dún yìí. Èrè tí a kò jẹ ni òwò fi ń dàgbà, òun náà ni akáǹtì yín sì ń fi IGR àti SGR wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan ṣe é. Èmi ni mo yan àwọn iye yìí kí ìṣirò lè rọrùn. Nígbà tí ọdún parí, ààrò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, mọ́tò, fúláwà tó wà nílẹ̀, owó ọwọ́ àti owó tí àwọn tó ń gba búrẹ́dì láwìn jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà. Mílíọ̀nù 4 nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè, mílíọ̀nù 6 jẹ́ ti olówò. Búrẹ́dì tó tà lọ́dún náà jẹ́ mílíọ̀nù 15. Lẹ́yìn ìnáwó, èlé àti owó orí, èrè tó kù jẹ́ mílíọ̀nù 1.2. Olówò jẹ ìdajì, ó fi ìdajì, 600,000 náírà, sílẹ̀ nínú òwò.

```
IGR = (ROA × b) / (1 − ROA × b)
SGR = (ROE × b) / (1 − ROE × b)
```

ROA ni èrè tí a pín sórí gbogbo ohun-ìní: 1.2 nínú 10, ìyẹn 0.12. ROE ni èrè kan náà tí a pín sórí owó olówò nìkan: 1.2 nínú 6, ìyẹn 0.20. Lẹ́tà b dúró fún ìpín èrè tí a kò jẹ, èyí tó jẹ́ 0.5 níbí. Nítorí náà IGR jẹ́ 0.06 tí a fi 0.94 pín, ó fi díẹ̀ lé ní ìdá 6 nínú 100. SGR jẹ́ 0.10 tí a fi 0.90 pín, ó lé díẹ̀ ní ìdá 11 nínú 100.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí a ń yọ ROE × b kúrò nínú 1. Ìdí ni pé mílíọ̀nù 6 yẹn ti gbé 600,000 tuntun mì. Mílíọ̀nù 5.4 ni olówò fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, 600,000 lórí mílíọ̀nù 5.4 sì ló ń fún wa ní ìdá 11 yẹn. Bí akáǹtì yín bá fi owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ṣe ROE láti ìpilẹ̀, kí ó kàn sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú b, kó má tún pín in mọ́. Mo ti rí àwọn tó pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀, iye tí wọ́n sì máa ń mú jáde máa ń dùn ju òótọ́ lọ.

IGR ni ibi tí òwò lè dàgbà dé láìyá kọ́bọ̀. SGR gbà pé ẹ ó yá, ṣùgbọ́n kí gbèsè máa dàgbà ní ìwọ̀n tí owó tiyín fi ń dàgbà. Bí ilé búrẹ́dì yìí bá fi ìdá 11 yẹn dàgbà, ó nílò ohun-ìní bíi 1,111,000 sí i. Èrè tí kò jẹ á mú bíi 667,000 wá, á sì yá bíi 444,000. Gbèsè ṣì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta owó olówò, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

Ká wá ní ọjà yá gágá, ó sì fẹ́ fi ìdá 30 nínú 100 dàgbà. Ó nílò mílíọ̀nù 3 sí i. Èrè á di mílíọ̀nù 1.56, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 780,000. Ó ku 2,220,000, yíyá ni. Gbèsè tó wà ní mílíọ̀nù 4 á di 6.22, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó olówò dọ́gba lọ́dún kan ṣoṣo. Bí kò bá tilẹ̀ jẹ nǹkan kan nínú èrè, SGR rẹ̀ jẹ́ 0.20 tí a fi 0.80 pín, ìyẹn ìdá 25, kò tíì tó 30. Èyí ló jẹ́ kí Robert Higgins, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1977, fi béèrè pé ìdàgbàsókè mélòó ni agbára òwò ká. Kì í ṣe ọjà tí kò tà nìkan ló ń pa òwò.

Kí ẹ tó gba ìṣirò náà gbọ́, ẹ yẹ b wò. Owó ilé-ìwé ọmọ tí ẹ mú nínú dúrọ́ọ̀, búrẹ́dì tó ń lọ sílé láràárọ̀, jíjẹ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi owó tiyín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wé ti ìparí. Bí ó bá fi 200,000 péré lé, tí ẹ sì ń sọ pé 600,000 lẹ ò jẹ, ẹ ti jẹ 400,000 láìmọ̀. Àjọ náà ńkọ́? Ẹni tó kó o lákọ̀ọ́kọ́, owó ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi dá a tán. Ẹ kọ ọ́ sí ìhà gbèsè.

Ó wá ku ọ̀wọ́n ọjà, òun ni mo fura sí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yín. Lọ́dún 2024, ọ̀wọ́n ọjà ní Nàìjíríà kọjá ìdá 30 nínú 100. Irú ọdún bẹ́ẹ̀, ìwé yín á sọ pé títà ti fi ìdá 30 lé, bẹ́ẹ̀ iye búrẹ́dì tí ẹ ṣe kò lé rárá. Ní ilé búrẹ́dì tí mo fi ṣàpẹẹrẹ, ká ní mílíọ̀nù 4 nínú 10 ni fúláwà, owó ọwọ́ àti àwìn. Ìwọ̀nyẹn nìkan á gba 1.2 mílíọ̀nù sí i, nígbà tí ààrò kò béèrè nǹkan kan. 780,000 tí a kò jẹ kò ká a, olówò á yá 420,000 láti ṣe iye búrẹ́dì àná.

Ààrò tí kò béèrè nǹkan lónìí ń bọ̀ wá béèrè. Iye tí ẹ rà á ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni akáǹtì ń pín sórí ọdún kí ó tó sọ pé èrè ku báyìí. Bí tuntun bá ti di ìlọ́po mẹ́ta, apá kan nínú ohun tí ẹ pè ní èrè, tí ẹ sì jẹ, ojú owó ni. Ẹ béèrè iye tí ààrò ń lọ lọ́jà báyìí, kí akáǹtì fi ṣe èrè náà lọ́tun kó tó ṣe ROA àti ROE.