Agolo mílíìkì tí a ti lù: inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí inú fíríìjì?

Ìbéèrè: Ihò méjì ni mo máa ń lu sórí agolo mílíìkì olómi. Màá fi bébà bò ó, màá sì gbé e sínú àwo omi nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí èèrà má baà dé ibẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì kí ó tó tán. Ọmọ mi ní inú fíríìjì ló yẹ kí ó wà. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ló ṣe lè pẹ́ tó níbi méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wákàtí 2 péré ni ó fi ṣeé mu láìséwu, bí inú ilé bá sì gbóná kọjá 32°C, bí ó ṣe máa ń rí lọ́sàn-án oṣù Kẹta, wákàtí 1 ni. Nínú fíríìjì tí ó tutù dé 4°C, ọjọ́ 3 sí 5 ni.

Ohun tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé agolo kan náà yìí ti lo oṣù púpọ̀ lórí igbá láìbàjẹ́. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti kọ́kọ́ fi ooru fa ìpín bíi 60 nínú 100 omi inú wàrà náà kúrò, wọ́n rọ ọ́ sínú agolo, wọ́n dé e pa, wọ́n sì wá sè é tòun tagolo nínú ooru tí ó ju ti omi híhó lọ, títí kòkòrò àìfojúrí tí ó lè bà á jẹ́ fi kú. Agolo tí a dé pa yẹn ni ààbò rẹ̀. Kò rí bíi mílíìkì kíki aládùn, tí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn kòkòrò kì í rí omi lò. Bí a bá ti lu olómi báyìí, wàrà tútù lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi agolo tiyín ṣírò. Ká ní aago 6 òwúrọ̀ lẹ lù ú, tí kòkòrò 100 sì bá ẹnu ọ̀bẹ wọlé. Nínú ilé tí ó gbóná tó 30°C, bí wọ́n bá ti rí ìdí jókòó, wọ́n lè di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú 30 síra. Ní aago 8 wọ́n á ti di 1,600, nígbà tí ẹ ó bá sì fi dé láti ọjà ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti kọjá mílíọ̀nù 100. Àwo omi yín ń dá èèrà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kan àwọn wọ̀nyí. Òtútù fíríìjì ni ó ń sọ ìrìn wọn di ti ìgbín, àmọ́ kò pa wọ́n, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ náà fi ní iye ọjọ́.

Ẹ wo etí ihò agolo náà dáadáa. Mílíìkì tí ó gbẹ síbẹ̀ ti di èépá, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì ń tú u, orí èépá yẹn ni mílíìkì ń gbà kọjá sínú tíì. Bí ó bá ń kan, tàbí tí ó dì wẹ́wẹ́ nínú tíì gbígbóná, ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de òórùn kíkan. Bakitéríà kan wà tí ń gbé ní imú àti awọ ara wa, Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì lorúkọ rẹ̀, tí ó lè da oró sínú mílíìkì láìjẹ́ pé òórùn tàbí adùn rẹ̀ yí padà. Bí a bá sè é, kòkòrò náà á kú, oró rẹ̀ kò ní kúrò, ẹni tí ó bá sì mu ún lè máa bì láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, gbígbé mílíìkì àná kaná kò tún un ṣe.

Ẹ nu orí agolo kí ẹ tó ṣí i. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tàbí ike mímọ́ tí ó ní ọmọrí, nítorí pé ihò agolo kò ṣeé dé, agolo tí afẹ́fẹ́ ti wọ̀ sì lè mú kí mílíìkì máa ta irin lẹ́nu. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ gbé e sí ẹ̀yìn pátápátá nínú fíríìjì, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn tí ooru ń bá wọlé. Bí ẹ bá bù ú tán, ẹ dá a padà kíá, torí gbogbo ìṣẹ́jú tí ó bá lò lórí tábìlì wà lára wákàtí 2 yẹn.

Bí iná bá lọ, fíríìjì tí a kò ṣí lè di òtútù rẹ̀ mú fún nǹkan bíi wákàtí 4. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ da mílíìkì náà nù, bí ó tilẹ̀ dùn yín. Nítorí iná tiwa yìí, èmi kì í jẹ́ kí tèmi kọjá ọjọ́ 3. Bí iná kì í bá dúró ní àdúgbò yín rárá, agolo kékeré tí gbogbo ilé lè mu tán láàárọ̀ ọjọ́ kan ni kí ẹ máa rà, tàbí mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, tí ẹ óò máa bu ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ lò.