Oṣù mẹ́rin ni táàmù kan, kì í ṣe mẹ́ta

Ìbéèrè: Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Oṣù kejìlá ni akáńtáǹtì wa máa ń pa ìwé ìṣirò dé, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni sẹ́ṣọ̀n wa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé máa ń sọ pé a jèrè, àmọ́ bí oṣù kẹjọ bá dé, mo máa ń yáwó kí n tó lè san owó oṣù àwọn tíṣà. Ọdún wo gan-an ni kí n máa fi ṣe ètò owó mi?

Ìdáhùn: Sẹ́ṣọ̀n ni, mà. Ọdún mẹ́ta ló ń rìn pọ̀ nínú ilé-ìwé yín, iṣẹ́ wọn ò sì papọ̀. Ọdún tí akáńtáǹtì fi ń pa ìwé dé, èyí tí a ń pè ní ọdún ìṣúná, wà fún ìjíhìn: ilé-iṣẹ́ owó-orí ń wò ó, báńkì ń wò ó. Àwọn èèyàn ló ń yan oṣù tó máa bẹ̀rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, tiwa ní oṣù kìíní. Ọdún kàlẹ́ńdà ni òfin fi ń ka owó-orí tí ẹ ń yọ lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín. Àmọ́ sẹ́ṣọ̀n ló ń mú owó wọlé. Ìgbà tí ọmọ bá wọlé ni òbí ń sanwó, tí ọmọ bá sì fẹ́ lọ, òpin sẹ́ṣọ̀n ló sábà máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i. Ká ní ọmọ 120 lẹ ní ní sẹ́ṣọ̀n 2023/2024, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san ₦50,000 ní táàmù. Mílíọ̀nù mẹ́fà náírà ni táàmù kan, mílíọ̀nù méjìdínlógún ni gbogbo sẹ́ṣọ̀n. Nígbà tí 2024/2025 bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ₦10,000 kún owó, àwọn òbí kan sì kó ọmọ wọn lọ. Ó ku 90. Ní ₦60,000, táàmù kan wá di ₦5,400,000, sẹ́ṣọ̀n di ₦16,200,000. Owó tó sọnù jẹ́ ₦1,800,000.

Ẹ wá wo ìwé tí akáńtáǹtì pa dé ní oṣù kejìlá 2024. Táàmù kejì àti ìkẹta sẹ́ṣọ̀n àtijọ́ àti táàmù kìíní sẹ́ṣọ̀n tuntun ló wà nínú rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦17,400,000. Tí ẹ bá fi wé mílíọ̀nù méjìdínlógún, ₦600,000 péré ló jọ pé ó dín. Akáńtáǹtì yín ò purọ́, ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n sẹ́ṣọ̀n méjì ló dà pọ̀ sínú abọ́ kan, ọmọ 30 tó lọ ò sì hàn dáadáa títí ìwé ọdún kejì yóò fi jáde. Nígbà náà, ẹ ti gba tíṣà kún tíṣà.

Ọ̀rọ̀ oṣù kẹjọ wá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lówó ń wọlé lọ́dún, ẹ̀ẹ̀méjìlá lẹ ń san owó oṣù. Oṣù mẹ́rin-mẹ́rin ni táàmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé: ti àkọ́kọ́ gbé oṣù kẹsàn-án dé oṣù kejìlá, ìkejì gbé oṣù kìíní dé oṣù kẹrin, ìkẹta gbé oṣù karùn-ún dé oṣù kẹjọ. Ọ̀pọ̀ onílé-ìwé tí mo ti bá ṣiṣẹ́ ló ń ka oṣù mẹ́ta, torí pé oṣù mẹ́ta ni ọmọ fi ń jókòó ní kíláàsì.

Ká ní mílíọ̀nù kan lowó oṣù gbogbo àwọn tíṣà, kí àwọn ìnáwó yòókù, dísù ẹ̀rọ iná àti ṣọ́ọ̀kì àti àtúnṣe, jẹ́ ₦900,000 ní táàmù. Ẹni tó ka oṣù mẹ́ta yóò yọ ₦3,900,000 kúrò nínú ₦5,400,000, yóò rí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tó ṣẹ́ kù, yóò sì fi kun ilé tàbí kó fi san àsansílẹ̀ owó bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ka oṣù mẹ́rin yóò yọ ₦4,900,000, yóò sì rí i pé ₦500,000 péré ni tirẹ̀. Àlàfo mílíọ̀nù kan tó wà láàárín wọn, owó oṣù kan ni. Tí ẹ bá ná an ní táàmù ìkẹta, ti oṣù kẹjọ lẹ ná yẹn.

Ohun tó ń bo ihò yìí mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni pé àwọn òbí kan máa ń san owó táàmù tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án láti oṣù kẹjọ. Owó dé lásìkò tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an, ẹ fi san àwọn tíṣà. Àmọ́ gbèsè ni owó yẹn. Ẹ ò tíì kọ́ ọmọ náà ní ohunkóhun. Táàmù tuntun wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tó ti dín. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ẹ kó gbogbo rìsíìtì tí ẹ kọ fún sẹ́ṣọ̀n tuntun jọ, ẹ yọ àpapọ̀ wọn kúrò nínú owó tó wà ní báńkì. Ohun tó kù ni owó yín. Tó bá wọ abẹ́ òdo, sẹ́ṣọ̀n tó ń bọ̀ lẹ ti ń jẹ. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún owó táàmù kejì tó bá wọlé ní oṣù kejìlá. Kí akáńtáǹtì má ṣe kà á mọ́ èrè ọdún tó ń parí.

Ẹ lè yí òpin ọdún ìṣúná yín sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ kó lè bá sẹ́ṣọ̀n mu. Ẹ kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ owó-orí sọ̀rọ̀, nítorí pé oṣù mẹ́jọ péré ni ìwé ọdún ìyípadà yẹn yóò ní, ẹ ò sì lè fi wé ọdún olóṣù méjìlá. Ìjọba àpapọ̀ wa náà ṣe irú rẹ̀ rí: oṣù kẹrin ni ọdún ìṣúná wọn ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí oṣù kìíní, oṣù mẹ́sàn-án ni ìṣúná 1980 ní. Ní tèmi, mi ò ní kánjú yí i. Màá ní kí akáńtáǹtì máa ṣe ìwé kejì, ojú ewé kan, tó ń ka owó láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kẹjọ.

Ohun tí ẹ ò lè yí ni ọjọ́ òfin. Ìwé owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ fún ọdún kàlẹ́ńdà tó kọjá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí oṣù kìíní tó parí, ìgbà yòówù kí ìwé ìṣirò yín máa parí. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì lẹ fi orúkọ ilé-ìwé sí, oṣù mẹ́fà lẹ ní lẹ́yìn òpin ọdún ìṣúná láti fi ìwé owó-orí kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò san án fún ìpínlẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹta sì ni òpin ìfìwé-sílẹ̀.

Kí oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ tó dé, ẹ ṣí àkáǹtì kejì. Bí owó táàmù kọ̀ọ̀kan bá ti ń wọlé, ẹ gbé owó oṣù mẹ́rin síbẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.