Ẹ má da ìpolówó iṣẹ́ kọ sínú ìwé yín

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ ka ìwé ìwáṣẹ́. Ṣé kí n da gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìpolówó kọ sínú tèmi ni, kó má baà já mi? Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mo ń wá.

Ìdáhùn: Rárá o. Ìdajì òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá, kọ̀ǹpútà ló ń kó ìwé jọ, agbanisíṣẹ́ sì lè fi wá ọ̀rọ̀ kan nínú wọn, bí a ṣe ń wá orúkọ nínú fóònù. Àmọ́ ènìyàn ṣì ń kà á. Èmi náà ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀: bí mo bá rí gbólóhùn tí mo fọwọ́ ara mi kọ sínú ìpolówó nínú ìwé ẹlòmíràn, mo ń mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, kì í sì í sọ nǹkan kan fún mi nípa onítọ̀hún. Ẹ tún jìnnà sí àwọn tó ní kí ẹ fi lẹ́tà funfun kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó sórí pépà funfun, kí kọ̀ǹpútà lè rí i, kí ènìyàn má rí i. Bí kọ̀ǹpútà bá yọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sọ́tọ̀, ó lè hàn kedere bí ìyókù, ẹ̀tàn ni wọn yóò sì kà á sí.

Ohun tí ẹ ó kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni orúkọ: orúkọ ohun èlò, orúkọ ìwé ẹ̀rí, tí ẹ bá ní i lóòótọ́. Bí wọ́n bá kọ Microsoft Excel, ẹ má kọ "ìmọ̀ kọ̀ǹpútà". Ẹni tó bá ń wá Excel kò ní rí yín. Àpèjúwe iṣẹ́ ńkọ́? Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ni ẹ ó fi dá a lóhùn.

Ká ní wọ́n kọ pé: "Ó gbọ́dọ̀ lè ṣàkóso ọjà sítọ́ọ̀, kó sì máa fi iye rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ déédéé." Ká ní ẹ̀yin náà ti bá ẹnìkan tọ́jú sítọ́ọ̀ oògùn rí. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Mo tọ́jú ọjà sítọ́ọ̀ tó jẹ́ oríṣi 120. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo ń kà wọ́n, mo ń fi iye wọn wé àkọsílẹ̀ inú Excel, mo sì ń sọ èyí tó bá dín fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ náà." "Ọjà sítọ́ọ̀" àti fífi iye wé "àkọsílẹ̀" wá láti inú ìpolówó, ìyókù jẹ́ tiyín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ "ṣàkóso" kúrò: bó bá jẹ́ ọ̀gá yín ló ń pinnu ohun tí wọ́n ń rà, títọ́jú ni iṣẹ́ yín, kì í ṣe àkóso.

N kò lè ṣèlérí pé wọn yóò pè yín, torí bí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣa ìwé yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bo ìpolówó náà mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ìwé yín ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan sì máa bi yín pé: "Lọ́jọ́ tí ọjà dín, kí lẹ ṣe?" Gbólóhùn tí ẹ kò bá rí ìtàn sọ nípa rẹ̀, ẹ pa á rẹ́.