Títa ínfọ́ìsì tí wọn ò tíì san

Oníbàárà mi ní ó di 90 ọjọ́ kóun tó sanwó ọjà. Ṣé mo lè ta ínfọ́ìsì náà, èló ló máa ná mi?

Ẹ lè tà á. Ká ní mílíọ̀nù 10 náírà ni. Ẹni tó fẹ́ rà á á kọ́kọ́ bi oníbàárà yín bóyá lóòótọ́ ló gba ọjà, torí òun ló máa sanwó. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fún yín ní mílíọ̀nù 8. Bí owó iṣẹ́ wọn bá jẹ́ 3% lóṣù, 900,000 ló lọ fún oṣù 3. 1,100,000 tó kù á dé nígbà tí oníbàárà bá san. Ẹ kíyè sí i o: mílíọ̀nù 8 lẹ gbà, orí mílíọ̀nù 10 ni wọ́n ti ń ṣírò owó iṣẹ́ wọn.

Ẹ ka àdéhùn dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, bí oníbàárà ò bá san, ẹ̀yin lẹ máa dá owó padà.